Bí a ṣe ń yẹ ìkìlọ̀ àìsàn wò kí a tó fọ́wọ́ọ̀dù rẹ̀

Àtẹ̀jíṣẹ́ ìsàlẹ̀ yìí, èmi ni mo tò ó jọ fún ìdánrawò. Kò sí ìdílé kankan tó kú, kò sì sí dókítà tó sọ irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ ẹbí, ẹgbẹ́ ìjọ tàbí ẹgbẹ́ àdúgbò lórí Wasáàpù ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí Iléṣà yóò dá ohùn rẹ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀:

«Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fojú kékeré wo èyí o!!! Ibà Lásà ti wọ ìlú. Ìdílé kan jẹ gàrí lálẹ́ àná, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Dókítà àgbà kan ní ilé ìwòsàn ńlá sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra gàrí lọ́jà mọ́, ìjọba ń fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ ni. Ẹni tó bá mu omi gbígbóná pẹ̀lú iyọ̀ àti ewúro lónìí kò ní kó o. Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí ẹ fẹ́ràn kí alẹ́ tó lẹ́.»

Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ ẹ́ wò láti orí dé ìdí. Ìkìlọ̀ nípa àìsàn ni mo mú nítorí pé òun ni irọ́ tó lè pa ènìyàn láàárín wákàtí díẹ̀, kí òtítọ́ tó ráyè dé.

Ìkíní: ẹ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀

Ẹ mú bébà, tàbí kí ẹ fi ọkàn ṣe é, kí ẹ ya ohun tí wọ́n sọ pé ó ṣẹlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe àti ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín. «Ẹ má fojú kékeré wo èyí» kò sọ ohunkóhun fún wa. «Ìjọba ń fi í pamọ́» ní iṣẹ́ tirẹ̀: ó ti dáhùn ìbéèrè yín sílẹ̀ kí ẹ tó béèrè. Bí ẹ bá wádìí tí ẹ kò rí nǹkan kan, ẹ ó ní abájọ, wọ́n ṣáà ń fi í pamọ́ ni. Ọ̀rọ̀ tó bá ti kọ́kọ́ sọ àìsí ẹ̀rí di ẹ̀rí, ẹ fura sí i gidigidi.

Nígbà tí a bá kó àṣẹ àti ẹ̀rù kúrò, ohun mẹ́rin ló kù. Ibà Lásà wà ní ìlú. Àwọn mẹ́rin jẹ gàrí lálẹ́, wọ́n kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Dókítà kan ní kí a má ra gàrí. Omi iyọ̀ àti ewúro ń dènà rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ yẹ̀ wò, nítorí pé bí ọ̀kan bá jẹ́ òtítọ́, kò sọ àwọn yòókù di òtítọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú gan-an nìyẹn. Ibà Lásà kì í ṣe àròsọ. Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá kòkòrò rẹ̀ mọ̀, ìlú Lásà ní ìpínlẹ̀ Borno ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọdọọdún ni àwọn ìpínlẹ̀ bí Òǹdó àti Ẹdó ń rí àwọn tó kó o, Òǹdó kò sì jìnnà sí wa rárá; ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀ láti Ifẹ̀ lójoojúmọ́. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé eku ló ń gbé e kiri, tí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lè kó bá oúnjẹ, àti gàrí tí wọ́n bá sá sílẹ̀ gbalasa. Ẹni tó bá ti gbọ́ èyí rí lórí rédíò yóò kà á dé gbólóhùn kejì, yóò mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Orí tó mì yẹn ni yóò gbé gbólóhùn kẹta àti ìkẹrin mì láìjẹ.

Ìkejì: ẹ wo àkókò tó wà nínú ìtàn fúnra rẹ̀

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo fẹ́ràn jù. Kò gba dátà púpọ̀, òun ló sì máa ń tú irọ́ àìsàn fó kíákíá. Gbogbo àrùn tó ń ràn ló ní iye ọjọ́ tó máa ń lò nínú ara kí àmì rẹ̀ tó yọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ti ibà Lásà jẹ́ láti ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 21. Àìsàn náà yóò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni nígbà náà: ibà, àárẹ̀, orí fífọ́, ọ̀fun dídùn. Àwọn tó bá kú nínú wọn máa ń ṣàìsàn fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó kú.

Ẹ wá padà sí ìtàn wa. Wọ́n jẹ gàrí lálẹ́, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ibà Lásà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ká tilẹ̀ sọ pé irú ikú bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbì kan lóòótọ́, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sọ́kàn oníṣègùn ni májèlé: bóyá oògùn kòkòrò ló bọ́ sínú oúnjẹ, bóyá ẹ̀gẹ́ tí wọn kò rẹ dáadáa ni, bóyá èéfín jẹnẹrétọ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti pa. Bẹ́ẹ̀ ni gbólóhùn kejì ṣubú láìsí pé a pe ẹnikẹ́ni. Bí ẹ kò bá mọ iye ọjọ́ àrùn kan, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ àti `incubation period` sórí Google, kí ẹ sì ka ìdáhùn tó bá ti ojú ìwé `who.int` wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí àkókò, kí ẹ fa ìlà sí i nídìí. Nínú àpẹẹrẹ wa, «lálẹ́ àná», «kí ilẹ̀ tó mọ́», «lónìí», «kí alẹ́ tó lẹ́» ni. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n dárúkọ àkókò, kò sì sí ọjọ́ oṣù kan ṣoṣo níbẹ̀. Wákàtí tí ẹ ń rí lábẹ́ ọ̀rọ̀ lórí Wasáàpù, ìgbà tó dé ọwọ́ yín ni, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n kọ ọ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan kọ ní oṣù kìíní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lè dé ọwọ́ yín ní àárọ̀ yìí, kí «àná» rẹ̀ sì dà bí àná tiyín. Ìkìlọ̀ tí kò bá ní ọjọ́ oṣù kò lè gbó, ìdí nìyẹn tí kì í fi kú.

Ẹ tún wo àsìkò ọdún. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ibà Lásà máa ń pọ̀ jù, láti nǹkan bí oṣù kejìlá sí oṣù kẹrin. Bí irú ọ̀rọ̀ yìí bá dé láàárín òjò oṣù keje, ẹ fi ìfura kún un, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí èyí nìkan pè é ní irọ́. Yíká ọdún ni wọ́n ń rí ẹni kọ̀ọ̀kan tó kó o.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2014

Àkókò tí ọ̀rọ̀ jáde sí ìgboro náà ní ohun tó ń sọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, Patrick Sawyer wọ Èkó láti Làìbéríà pẹ̀lú àrùn Ebola. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti kú. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ọ̀rọ̀ Ebola ti di pàjáwìrì fún gbogbo ayé. Kò sí oògùn, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ti fọwọ́ sí, àwọn ènìyàn kò sì tíì mọ bí ó ṣe ń ràn. Ìgbà yẹn gan-an ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba gbogbo ilẹ̀ wa kan lóru: kí gbogbo ènìyàn fi omi gbígbóná oníyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀gbọ́n ń jí àbúrò, ìyá ń jí ọmọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu.

Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń fa omi jáde kúrò nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ara, títí kan ti ọpọlọ. Orí yóò máa dà rú, gìrì lè dé, ẹni náà sì lè kú. Ewu rẹ̀ tún pọ̀ sí i fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ fi parí, tí wọ́n kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà, ènìyàn 20 péré ló kó o, 8 sì kú, ní Èkó àti ìpínlẹ̀ Rivers nìkan. Àwọn méjì tó mu omi iyọ̀ kò sí lára wọn. Kò sí Ebola lára wọn rárá tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ọ̀rọ̀ orí fóònù ló pa wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni àlàfo àárín ọjọ́ tí ẹ̀rù dé àti ọjọ́ tí àlàyé tó ṣe gúnmọ́ dé. Inú àlàfo yẹn ni irọ́ ìwòsàn ti ń hù. Bí ìròyìn àrùn kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, tí ẹ sì rí ọ̀rọ̀ tó ní òun mọ ohun tó ń dènà rẹ̀, tí ohun náà sì wà ní ilé ìdáná gbogbo ènìyàn, ẹ dúró ná. Tí wọ́n bá tún fi «kí ilẹ̀ tó mọ́» kún un, kí ẹ má baà ráyè béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni. Abẹ́rẹ́ tàbí ìmọ̀ràn tòótọ́ kì í bàjẹ́ tí ojú bá mọ́.

Ẹ ó ti rí i pé iyọ̀ inú àpẹẹrẹ tí mo kọ, ti 2014 náà ni. Wọ́n máa ń pààrọ̀ orúkọ àrùn, wọ́n a fi oògùn sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ìkẹta: ta ló sọ ọ́?

«Dókítà àgbà kan ní ilé ìwòsàn ńlá.» Ẹni tó wà ní Ifẹ̀ yóò kà á, ọkàn rẹ̀ yóò lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ẹni tó wà ní Iléṣà yóò kà á, yóò rò ó sí ilé ìwòsàn Wẹ́sílì. Àìdárúkọ yẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá ìlú méjèèjì mu, yóò sì bá Adó-Èkìtì mu lọ́la. Nítorí náà, ẹ béèrè: dókítà wo? Ẹ̀ka wo? Ibo ló ti sọ ọ́, lórí rédíò ni àbí níbi ìpàdé? Ọjọ́ wo? Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá dáhùn ọ̀kankan nínú mẹ́rin, kò ní orísun. Ohùn lásán ni.

Ẹ tún mọ bí ìkéde àrùn tòótọ́ ṣe ń wáyé. Dókítà tó wà nídìí aláìsàn lè fura sí ibà Lásà, ṣùgbọ́n kò lè fi ojú mọ̀ ọ́n. Ó jọ ibà lásán àti ìbà jẹ̀funjẹ̀fun ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ lọ sí láàbù tó ní ẹ̀rọ rẹ̀. Èsì yóò lọ sí ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ àti àjọ NCDC tó ń mójútó àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà. Àwọn ni yóò kéde. NCDC máa ń gbé àkọsílẹ̀ ibà Lásà jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tirẹ̀. Àkọsílẹ̀ tòótọ́ máa ń ní ọ̀sẹ̀, iye àwọn tí wọ́n fura sí, àti iye àwọn tí àyẹ̀wò ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í sábà sí nínú irọ́.

Wọ́n lè yá orúkọ NCDC lò. Bí ìsopọ̀ kan bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ ka àdírẹ́sì rẹ̀ láti iwájú títí dé ibi ìlà dídagun `/` àkọ́kọ́ tó tẹ̀lé orúkọ ojú ìwé náà. Ohun tó bá ṣáájú ìlà yẹn gbọ́dọ̀ parí sí `.gov.ng`. Ti NCDC ni `ncdc.gov.ng`. Bí `gov.ng` bá wà láàárín, tí nǹkan mìíràn sì tún tẹ̀lé e kí ìlà tó dé, ti ẹlòmíràn ni.

Ẹ wo òkè ọ̀rọ̀ náà lórí Wasáàpù. Bí ẹ bá rí ọfà méjì pẹ̀lú `Forwarded many times`, ó ti kọjá ọwọ́ márùn-ún ó kéré tán kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín, bó ti wù kí ó jẹ́ olóòótọ́ tó, kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n àìsí àmì yìí kò wẹ ọ̀rọ̀ mọ́: ẹni tó bá dà á kọ, tó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn, ti pa àmì náà rẹ́.

Orísun tòótọ́ náà wà tí wọ́n máa ń fà gùn ju bó ṣe yẹ lọ, èyí ló sì ṣòro jù láti mú. Ní 2014 kan náà, wọ́n ní orógbó ń wo Ebola. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìdí. Ní 1999, onímọ̀ Nàìjíríà kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu, sọ níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ewéko àgbáyé ní Amẹ́ríkà pé ohun tí wọ́n fà jáde lára orógbó dí fáírọ́ọ̀sì Ebola lọ́wọ́ nínú láàbù. Nínú láàbù ni o. Kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn tí wọ́n fún ní orógbó jẹ tí wọ́n sì fi hàn pé ó sàn. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń pa kòkòrò nínú ìgò tí kò lè pa á nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Nítorí náà, bí ẹ bá wá orúkọ onímọ̀ kan tí ẹ sì rí i, ẹ má tíì sinmi. Ẹ béèrè pé kí ni ó sọ gan-an, lára kí ni wọ́n sì ti dán an wò.

Ìkẹrin: ẹ wá a, ẹ sì pe ẹni tó sún mọ́ ọ

Ẹ mú gbólóhùn tó ṣàrà ọ̀tọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ fi àmì ìfàyọ ká a mọ́, kí Google lè wá a bó ṣe wà. Ẹ kọ ọ́ láìsí àmì ohùn, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ tún gbìyànjú rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, torí àwọn ìkìlọ̀ wọ̀nyí sábà máa ń ti èdè kan bọ́ sí òmíràn. Fún àpẹẹrẹ wa:

```
"je gari lale ana" Lassa
"salt water" Lassa fever garri fact check
Lassa Osun site:ncdc.gov.ng
```

Ìlà kẹta ń sọ fún Google pé inú ojú ìwé NCDC nìkan ni kí ó wá. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ kan náà láti ọdún mìíràn tàbí pẹ̀lú ìlú mìíràn, iṣẹ́ ti parí. Africa Check àti Dubawa náà máa ń yẹ irú ọ̀rọ̀ yìí wò, wọ́n sì máa ń kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é.

Bí ó bá jẹ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni, ẹ tẹ́tí sí i, kí ẹ kọ gbólóhùn méjì sílẹ̀, kí ẹ fi wọ́n wá. Ẹkún inú ohùn kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹni tó ní nọ́ọ̀sì ni òun, ṣé ó sọ wọ́ọ̀dù tó ti ń ṣiṣẹ́?

Ìlú wa kò tóbi jù fún ìpè kan. Kò sí ẹbí kan ní Ifẹ̀ tàbí Iléṣà tí kò mọ ẹnìkan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Ẹ má bi í pé «ṣé òótọ́ ni?» nítorí yóò ní «èmi náà gbọ́ ọ», ó sì lè jẹ́ pé orí Wasáàpù kan náà ló ti gbọ́ ọ. Ẹ bi í pé: «Ṣé ẹ̀yin fúnra yín rí aláìsàn tí wọ́n yà sọ́tọ̀, tàbí ìwé tí wọ́n fi kìlọ̀ fún yín níbi iṣẹ́?» Nọ́ńbà NCDC tí a lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ ni 6232.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Bí ẹ kò bá rí nǹkan lórí ojú ìwé NCDC lónìí, kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan. Àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó jáde. Nítorí náà, nípa gbólóhùn àkọ́kọ́, pé ibà Lásà wà ní ìlú, ìdájọ́ tí ẹ lè ṣe ni pé ẹ̀rí kò tíì sí. Nípa èkejì, irọ́ ni, àkókò inú rẹ̀ ti tú u. Ẹ̀kẹta kò ní orísun, ó sì tún tako ìmọ̀ràn tí àwọn elétò ìlera ń fúnni, èyí tí kò sọ pé kí a má jẹ gàrí: wọ́n ní kí a tọ́jú rẹ̀ sínú ike tàbí agolo tó ní ọmọrí tó dé dáadáa, kí a má sá oúnjẹ sẹ́bàá ọ̀nà tàbí sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí eku lè dé. Ẹ̀kẹrin, irọ́ tó léwu ni.

Ìdáhùn nínú ẹgbẹ́

Ó sábà máa ń jẹ́ àgbàlagbà ló fi ránṣẹ́, ìfẹ́ ló sì mú un ṣe é. Ẹ má kọ «irọ́ ni» sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìyá yín níwájú gbogbo ẹbí. Yóò gbèjà rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà yóò sì lágbára sí i. Ẹ kọ́kọ́ pè é ní ìkọ̀kọ̀: «Ẹ kú ìtọ́jú wa, Mọ̀mí. Mo rí ohun tí ẹ fi ránṣẹ́. Ta ló fi ṣọwọ́ sí yín? Mo yẹ̀ ẹ́ wò, omi iyọ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá.» Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn yóò pa á rẹ́ fúnra wọn, tí ó bá ṣì wà láàárín àkókò tí Wasáàpù fi ń jẹ́ kí a pa ọ̀rọ̀ rẹ́ fún gbogbo ènìyàn.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti dẹ́rù ba àwọn ènìyàn nínú ẹgbẹ́, ẹ kọ àtúnṣe, ṣùgbọ́n ẹ má tún irọ́ náà kọ sókè. Òtítọ́ ni kí ó ṣáájú, pẹ̀lú ọjọ́ oṣù àti orísun: «Ọjọ́ báyìí, oṣù báyìí, ọdún báyìí. Omi iyọ̀ kì í dènà ibà Lásà, ó lè pa ènìyàn. Ẹ dé gàrí yín dáadáa kí eku má rí i. Ẹni tí ibà bá ń ṣe tí kò lọ lẹ́yìn oògùn ibà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ojú ìwé NCDC ni mo ti rí i.» Ẹ kọ ọjọ́ náà ní kíkún, kí ẹni tó bá gba tiyín ní ọdún tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé ti ọdún yìí ni.